Oríkì màmá wa kò jọ màmá wa, níbo ló ti wọ́?

ỌmọỌwọ́dé_Ọ̀fà

Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo ilé. Màmá tó bí bàbá mi máa pé 80 ọdún lóṣù tó ń bọ̀ ní Ọ̀fà, èmi ni wọ́n ní kí n kì wọ́n lójú agbo. Mo kó oríkì ilé wa jọ, mo kà á fún àbúrò màmá lórí fóònù, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "ó dùn, ṣùgbọ́n ta lò ń kì?" Ohun tí mo kọ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ níbo ló ti wọ́?

Àṣàkẹ́ o, ìbàdí àrán
Adúmáadán, eyínfúnjowó
Ọmọ Òpómúléró mojà alẹ́kàn
Ìyá rere, ìyá àtàtà
Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́

ỌmọPàkátà

Bọ̀dá, kò wọ́ níbì kankan, ó kúrú ni. Orúkọ dídùn ni oríkì, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń dùn tó. Ẹ wá bíi mẹ́wàá kún un, òrékelẹ́wà, apọ́nbéporẹ́, irú wọn ṣá, ẹ tò wọ́n léra wọn, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n bí màmá, ibi tí wọ́n ti dàgbà, ìgbà tí wọ́n lọ́kọ, ọmọ tí wọ́n bí, títí dé òní. Kò sẹ́ni tí ò ní mọ̀ pé màmá lẹ ń kì. Tó bá ti ń rẹ ẹnu yín, ẹ tún ìlà àkọ́kọ́ pè, ìdí tí àtúnpè ṣe wà nìyẹn, kí ẹni tó ń kì lè mí, kí onílù náà lè sinmi.

Àdùkẹ́_ÒmùÀrán

Ọmọ Pàkátà, ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ ti fẹ́ fi adúmáadán àti apọ́nbéporẹ́ sára ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó dú tó ń dán, ṣé òun náà ló tún máa pọ́n bí epo? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ téèyàn bá kàn ń to orúkọ dídùn jọ nìyẹn, orúkọ á pọ̀, ojú èèyàn á sì sọnù síbẹ̀.

Ọmọ Ọwọ́dé, ẹ yọ Àṣàkẹ́ kúrò nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ fi Àbẹ̀kẹ́ síbẹ̀, kí ẹ wá kà á sókè. Ṣé nǹkan kan yí padà? Kò sí. Ìyá kejì ládùúgbò lè gbé e wọ̀ bí aṣọ, ohun tí àbúrò màmá gbọ́ nìyẹn tí wọ́n fi bèèrè ta lẹ̀ ń kì. Mi ò ní ìbàdí àrán burú o, ó dáa kí ẹ fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ kí orí màmá wú, ọ̀kan tó.

Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó jù ú lọ. Ẹ ní "oríkì ilé wa." Ilé ta ni? Ṣé Òpómúléró ni bàbá tó bí màmá, àbí bàbá bàbá yín tó fẹ́ wọn ni Òpómúléró?

ỌmọỌwọ́dé_Ọ̀fà

Hẹn, ẹ̀gbọ́n, bàbá bàbá mi ni Òpómúléró o. Bàbá tó bí màmá, ará Ìkòyí ni wọ́n, àwọn tí wọ́n máa ń pè ní Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Mo rò pé tóbìnrin bá ti wọlé ọkọ, oríkì ilé ọkọ ló kù tó máa jẹ́.

Àdùkẹ́_ÒmùÀrán

Ibẹ̀ gan-an ló ti wọ́. Obìnrin kì í fi orílẹ̀ bàbá ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ́kọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, torí mi ò kà á nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ, àwa ìyàwó ilé là ń kì àwọn ọmọ ilé, ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní oríkì ilé wọn, ó tó ọdún kan gbáko kí n tó lè ṣe é láìtàsé. Mo mọ tiwọn ju ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilé náà lọ. Síbẹ̀ tí ìyá ọkọ mi bá fẹ́ kí èmi fúnra mi, tiwa nílé bàbá mi ló máa ń fi kí mi, kò fi tiwọn kí mi rí. Ìyàwó ló ń gbé oríkì ilé ọkọ sẹ́nu, kì í gbé e sórí.

Torí náà àwọn ọmọ màmá ló jẹ́ ọmọ Òpómúléró, ìwọ náà jẹ́ ẹ. Màmá fúnra wọn, ọmọ Ìkòyí ni wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ da ilé ọkọ wọn mọ́ ọn, ẹ ní "aya Òpómúléró," ìlà kan péré, kí ẹ kọjá. Àbúrò tó bá wọn jáde láti ilé kan náà gbọ́ tí wọ́n ń fi ilé onílé pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó rọra bá ẹ sọ ọ́ ni.

BàbáTítun_Tánkè

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ oríkì lẹ̀ ń sọ, wọ́n bí ọmọ obìnrin fún mi níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá mi ní Àjọkẹ́, ìyá ìyàwó ní Àníkẹ́, èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?

Àdùkẹ́_ÒmùÀrán

Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á wo ọmọ. Oríkì àbísọ nìyẹn, kò jìnnà sí ohun tí à ń sọ. Àjọkẹ́, a jọ kẹ́ ẹ ni, tẹbí-tará ló jọ fẹ́ ọmọ náà. Àníkẹ́, a ní i ká lè kẹ́ ẹ. Kò sí èyí tó sàn ju ìkejì, ẹ wo irú bó ṣe dé. Tí ìyá méjèèjì bá ti ń fa ọmọ mọ́ra báyìí, ó jọ pé Àjọkẹ́ ti sọ ara ẹ̀.

Ọmọ Ọwọ́dé, ẹ wo ti màmá náà, Àṣàkẹ́, a ṣà á kẹ́. Nínú ọ̀pọ̀, wọ́n ṣà á. Ìlà àkọ́kọ́ nínú àwòrán ti wà nínú orúkọ, ẹ kàn ń pè é kọjá ni.

Àlàó_Ìgbómìnà

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́ ti sọ ọ́ ire. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti orílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀. Orílẹ̀ Ìkòyí gùn, ogun ni, ọfà ni, apó ni, ẹ lè kì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, gbogbo ọmọ Ìkòyí láyé ló sì ni í. Tí ẹ bá ka gbogbo ẹ̀ sí màmá lórí, ìdílé lẹ kì, ẹ ò tíì kì màmá. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kì máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá ibi tí ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ẹni náà ti pàdé, ibẹ̀ ni wọ́n á dúró sí. Gbogbo wa mọ èyí tó ní Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n fi ń gbọfà. Ẹ bi ara yín, ọjọ́ wo ni màmá kọjú sí nǹkan tí ẹlòmíì máa sá fún?

ỌmọỌwọ́dé_Ọ̀fà

Ó wà o. Bàbá bàbá mi kú nígbà tí ọmọ márùn-ún wà nílẹ̀ tí àbígbẹ̀yìn ò tíì rìn. Wọ́n ní àwọn ẹbí màmá wá láti kó wọn padà sílé, màmá ní àwọn ò lọ. Kúkúndùnkún ni wọ́n ń tà, ẹ mọ̀ pé Ọ̀fà la ní kúkúndùnkún, wọ́n ń gbé e lọ tà fáwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní ìdíkọ̀ reluwé, owó yẹn ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wọn. Bàbá mi máa ń sọ pé tí fèrè bá ti ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ti dìde nídìí oúnjẹ, wọ́n á gbé igbá rù, kò sí bí oúnjẹ náà ṣe lè dùn tó. Òmíràn tún ni èènì, wọn kì í tajà láìfi èènì sí i, oníbàárà wọn a sì máa yọrí látojú wíńdò ọkọ̀ tá á máa pe orúkọ wọn.

Àdùkẹ́_ÒmùÀrán

Háà. Gbogbo èyí wà nílẹ̀ tí ẹ fi kọ eyínfúnjowó?

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Àlàjẹ́ gidi, inú ìṣe èèyàn la ti ń fà á yọ, a mú ohun tó ṣe, a fi "a" ṣáájú, a wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọnú ara wọn. Ó gbọ́ fèrè ó dìde: Agbọ́fèrèdìde. Ó fi èènì fa oníbàárà: Afèènìfoníbàárà. Ẹ ṣàkíyèsí pé fi ti jẹ sínú èènì, fa ti jẹ sínú oníbàárà. Ẹ pè é sókè. Tí ẹ bá lè pè é léèémí kan, ó ti di orúkọ. Tó bá gbà yín léèémí méjì, gbólóhùn ṣì ni, ẹ gé e kúrú. Mo ti gbọ́ tẹ́nì kan kì ìyá ẹ̀ báyìí pé "ẹni-tó-máa-ń-ṣe-àánú-fún-àwọn-ọmọ-aláìníyàá," ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ onílù ò lè lù ú, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má ṣàlàyé ẹ̀ o. Ẹ má sọ fágbo pé nígbà tí wọ́n ń ta kúkúndùnkún báyìí báyìí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á bú sẹ́kún tàbí kó rẹ́rìn-ín, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé fèrè wo? Ìyẹn á wá sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yìn oríkì ni ìtàn máa ń wà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ ìbí. Oríkì kì í tọ ọ̀nà tààrà. Ìlà tó sọ̀rọ̀ ikú ọkọ lè ṣáájú, èyí tó sọ pé wọ́n dú wọ́n ń dán lè tẹ̀ lé e, ìlà ilé bàbá á wá já sáàárín wọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró. Tí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan lójú agbo, ẹ mú òmíì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

ỌmọPàkátà

Mo gba ti orúkọ yẹn, Agbọ́fèrèdìde dùn o. Ṣùgbọ́n ti àtúnpè, ìsinmi ni mo ṣì ń pè é. Ẹ wo tiwa: Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnudùnjuyọ̀, ìlú tó tóbi tó yìí tí ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ìlà méjì tó kẹ́yìn, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n kàn tún un sọ ni. Ó sì tún fi hàn pé kò séégún ní Ìlọrin látìgbà ìwáṣẹ̀.

Àlàó_Ìgbómìnà

Ọmọ Pàkátà, ẹ tún ìlà méjèèjì pè, kí ẹ fetí sí ohùn yín. Ẹṣin, àárín ni ohùn wà. Ọ̀kọ̀, ó ti bọ́ sísàlẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ìkíní gbé e, ìkejì sọ ọ́ kalẹ̀. Nǹkan kan náà kọ́ ni wọ́n sì ń sọ, ẹṣin ni ohun tí wọ́n gùn, ọ̀kọ̀ ni ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, téèyàn bá so méjèèjì pọ̀ ó ti rí ẹlẹ́ṣin tó di ọ̀kọ̀ mú. Ìlú ajagun tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ni wọ́n yà yẹn, gbólóhùn kúkúrú méjì ni wọ́n fi yà á.

Ti eégún, ẹ ṣe sùúrù. Oríkì kì í ṣe ìwé ìkànìyàn, ohun tí ìlú fi ń yangàn ló ń sọ. Orin dadakúàdá tiyín náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pidán eégún làwọn tó mọ ìtàn ẹ̀ ní ó ti ṣẹ̀.

ỌmọPàkátà

Ti dadakúàdá yẹn, mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò wa. Màá bèèrè. Àmọ́ ti ẹṣin àti ọ̀kọ̀, mo pè é, mo gbọ́ ọ.

Àdùkẹ́_ÒmùÀrán

Ìsinmi tí Ọmọ Pàkátà sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwa tó ń kì mọ̀ ọ́n, ó sì ń fún agbo láàyè kí wọ́n gbè é. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pe Àṣàkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lásán bíi tinú ìwé yín yẹn, ìsinmi nìkan lẹ rí gbà. Ẹ wo èyí tí mo fi ohun tí ẹ sọ ṣe:

Ọkọ̀ Èkó dé, Àṣàkẹ́ ti wà níbẹ̀
Ọkọ̀ Òkè Ọya dé, Àṣàkẹ́ ti wà níbẹ̀
Òjò dé, ọkọ̀ ò dé, Àṣàkẹ́ ti wà níbẹ̀

Ohun tí à ń tún pè ò yí padà, ibẹ̀ letí ń fara tì. Ohun tó ń yí padà níwájú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ìlà méjì àkọ́kọ́, ọjà nìyẹn, oníṣòwò tó já fáfá ni. Ìgbà tá a dé ìkẹta tí ọkọ̀ ò dé, tí kò sí oníbàárà, tí òjò ń rọ̀, tó sì ṣì wà níbẹ̀, ó ti kúrò lọ́rọ̀ ọjà. Opó tó ní ọmọ márùn-ún nìyẹn, a ò sì dárúkọ opó rárá. Ẹ má fi ìkẹrin sí i. Tẹ́ ẹ bá fi ìkẹrin sí i, etí á ti mọ ohun tó ń bọ̀, ìkẹta á wá di yẹpẹrẹ.

Ẹ̀yìn ìyẹn gan-an ni kí ẹ ju ilé bàbá wọn sí: "Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn." Kó tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ogun àtijọ́ ni. Tó bá ti tẹ̀ lé òjò àti ọkọ̀ tí ò dé, ọ̀rọ̀ màmá ni.

ỌmọỌwọ́dé_Ọ̀fà

Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kà á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an.

Ìbéèrè kan ló kù. Màmá kì í gbàgbé gbèsè. Ẹni tó bá jẹ wọ́n lówó kúkúndùnkún, tó bá pé ọdún mẹ́ta, wọ́n á rántí iye, wọ́n á rántí aṣọ tẹ́ni náà wọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́jà Ọwọ́dé, wọ́n tiẹ̀ ń pè wọ́n ní Arántígbèsè. Ṣé kí n fi í sí i?

ỌmọPàkátà

Ẹ má dán an wò. Ọjọ́ ayẹyẹ ni, àwọn àna ń bẹ níbẹ̀, àlejò ń bẹ níbẹ̀. Iyì èèyàn la máa ń fi oríkì gbé jáde, a kì í fi túdìí ẹni.

Àlàó_Ìgbómìnà

Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Oríkì àwọn ọba àti àwọn ológun àtijọ́ kún fún ìwà líle, ìbínú, ìkà pàápàá, wọ́n sì ń jó sí i. Èèyàn tí ò lágídí kankan nínú oríkì ẹ̀, ẹ óò kàn rí aṣọ, ẹ ò ní rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Afèènìfoníbàárà ló ń fún èèyàn ní àfikún, Arántígbèsè ni ò ní jẹ́ kí o jẹ òun mọ́gbá. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, ẹ óò rí i pé obìnrin kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọlọ́wọ́ lílà tí ò gba ìrẹ́jẹ.

Àdùkẹ́_ÒmùÀrán

Mi ò lè dájọ́ èyí látòkèèrè. Nílé tèmi a máa ń sọ irú ẹ̀, àmọ́ lójú ẹbí nìkan, ní òwúrọ̀ nígbà tí wọ́n bá jí, a kì í sọ ọ́ nídìí máìkì. Ẹ pe àbúrò màmá, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Ẹ má sì ka ohunkóhun látojú fóònù lọ́jọ́ náà o, ojú màmá ni kí ẹ máa wò.

ỌmọỌwọ́dé_Ọ̀fà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ti pè wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Àṣàkẹ́, Agbọ́fèrèdìde, Afèènìfoníbàárà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní hẹn, hẹn. Nígbà tí mo dé "òjò dé, ọkọ̀ ò dé," wọ́n dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, a kàn rò ó ni. Wọ́n ní ọjọ́ kan wà tí ọkọ̀ bà jẹ́ sọ́nà, òjò àṣálẹ́ ni, màmá ò délé, àwọn gbé fìtílà lọ wò wọ́n ní ìdíkọ̀, àwọn bá wọn níbi tí wọ́n ti fi ìró bo igbá kúkúndùnkún tí àwọn fúnra wọn tutù rinrin. Wọ́n ní màmá dáhùn pé "tí mo bá gbé e padà sílé, kí ni wọ́n máa jẹ lọ́la?" Bàbá mi ò sọ ìyẹn fún wa rí, kò jọ pé ó mọ̀.

Wọ́n wá fún mi ní ìlà kan, wọ́n ní kí n fi sẹ́yìn òjò kí n tó dé ti Ẹ̀ṣọ́:

Afìró-bo-igbá, ara ò bò

Ti Arántígbèsè, wọ́n ní kí n bi màmá fúnra wọn. Mi ò tíì láyà.

Àdùkẹ́_ÒmùÀrán

Ìlà yẹn ju gbogbo èyí tá a ṣe lọ. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bi màmá, ẹ má bèèrè, ẹ kàn fi Arántígbèsè pè wọ́n nílé lówùúrọ̀ bí ẹ bá ń kí wọn, kí ẹ wo ojú wọn.